Ẹ̀dọ̀ Ẹran Nínú Oyún: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣírò Fítámínì A Inú Rẹ̀ Láìjẹ́ Kí Ẹ̀jẹ̀ Yín Dín

Nílé, ohun tí aláboyún ń gbọ́ ni pé kó máa jẹ ẹ̀dọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè pọ̀. Tó bá dé kíníìkì, nọ́ọ̀sì á ní kó rọra ṣe pẹ̀lú ẹ̀dọ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ta kora yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Àwọn kan ń jẹ ẹ̀dọ̀ ní gbogbo ìgbà, wọ́n ń mu epo ẹ̀dọ̀ ẹja lé e, wọ́n sì tún ń lo oògùn fítámínì tí wọn ò ka ara paálí rẹ̀. Àwọn mìíràn gbọ́ pé "fítámínì A léwu," ni wọ́n bá sá fún epo pupa, kárọ́ọ̀tì àti gbogbo inú ẹran, tí ojú wọn wá ń ṣú ní ìrọ̀lẹ́ tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún aláboyún, fún ẹni tó ń wá oyún, àti fún ẹni tó ń dáná fún wọn.

Ohun tí ẹ nílò

- Òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn nǹkan ní ilé ìdáná. Bí kò bá sí, ẹ ní kí alápatà wọn ẹ̀dọ̀ náà kó tó gé e.
- Gbogbo oògùn, epo àti ìpara tí ẹ ń lò, pẹ̀lú paálí wọn.
- Ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tí ẹ rí gbẹ̀yìn.
- Káàdì kíníìkì aláboyún yín, bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀.
- Bébà, bírò, àti ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ìdí tí fítámínì A fi kún inú ẹ̀dọ̀

Màlúù kì í jẹ fítámínì A tààrà láti inú koríko. Ohun tó ń jẹ ni kárótíìnì, ìyẹn èròjà tó ń fún kárọ́ọ̀tì ní àwọ̀ rẹ̀, tó sì sápamọ́ sábẹ́ àwọ̀ ewé nínú koríko tútù. Ìfun màlúù ló ń sọ kárótíìnì di fítámínì A gan-an, tí a ń pè ní rẹ́tínọ́ọ̀lì. Èyí tí ara bá lò tó kù, ẹ̀dọ̀ ló ń kó o pamọ́. Àká ni ẹ̀dọ̀ jẹ́ fún rẹ́tínọ́ọ̀lì: nígbà tí koríko bá pọ̀ ni ó ń kó o jọ, nígbà ọ̀dá ni ó ń bù ú jáde díẹ̀díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀dọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìpamọ́ yìí lọ púpọ̀. Inú ẹ̀kán ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ́tínọ́ọ̀lì sí. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú gbogbo fítámínì A ara ẹranko, inú ẹ̀dọ̀ ló wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa.

Inú ọ̀rá ni rẹ́tínọ́ọ̀lì ti ń yọ́, kì í yọ́ nínú omi. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí èyí. Fítámínì Sí tó bá pọ̀ jù, a máa ń tọ̀ ọ́ dànù. Rẹ́tínọ́ọ̀lì tó bá pọ̀ jù kò rí ọ̀nà ìtọ̀ gbà, nítorí náà ẹ̀dọ̀ tiwa náà á kó o pamọ́, á sì máa ga sí i bí a ṣe ń jẹ ẹ́.

*Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í:* Wọ́n gbà pé tí àwọn bá bọ ẹ̀dọ̀, tí àwọn da omi àkọ́kọ́ nù, agbára rẹ̀ á dín. Omi yẹn kò lè gbé e lọ. Dídín àti yíyan kò lè mú un kúrò pẹ̀lú. Omi ara ẹ̀dọ̀ ló ń gbẹ, nítorí náà ẹ̀dọ̀ díndín máa ń ní fítámínì A ju tútù lọ bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba.

Àṣìṣe kejì ni pé wọ́n ń ka gbogbo inú ẹran mọ́ ẹ̀dọ̀. Ṣàkì, pọ̀nmọ́, ọkàn, fùkù àti ìfun kì í ṣe ilé ìpamọ́ fítámínì A. Kíndìnrín ní díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ ti ẹ̀dọ̀ rárá. Ẹ̀dọ̀ adìẹ ní tirẹ̀ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí ìdajì ti màlúù ni.

*Àyẹ̀wò:* Bí ẹ bá lè sọ fún ẹlòmíràn ìdí tí ṣàkì inú ọbẹ̀ kò fi ní ìṣòro yìí, tí ẹ̀dọ̀ inú ọbẹ̀ kan náà sì ní in, ẹ ti gbà á.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka ọ̀sẹ̀ oyún yín

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tí ẹ rí gbẹ̀yìn, kí ẹ ka iye ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún títí dé ìkẹwàá ni ẹ̀yà ara ọmọ ń dá, àsìkò yẹn sì ni àpọ̀jù rẹ́tínọ́ọ̀lì lè ṣe é ní jàǹbá jù lọ.

Ara ń sọ díẹ̀ nínú rẹ́tínọ́ọ̀lì di ásíìdì kan tó máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, tó ń sọ fún un ohun tó máa dà. Nínú ọmọ tó ń dá, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń ṣí kúrò níbi tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ti ń ṣẹ̀dá, wọ́n ń rìn lọ síbi tí etí, àgbọ̀n, ojú àti òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá ara ọkàn máa wà. Ìwọ̀n ásíìdì yìí wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ ibi tí wọ́n dé. Ó gbọ́dọ̀ pọ̀ níbi kan, kó kéré níbòmíràn. Bó bá pọ̀ níbi gbogbo, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà lè má dé ibi tó yẹ kí wọ́n dé. Ìdí nìyí tí àbùkù tó ń ti ọ̀dọ̀ rẹ́tínọ́ọ̀lì wá fi sábà ń wà ní etí, ojú, ọpọlọ àti ọkàn.

A rí èyí kedere lára àwọn obìnrin tó lo oògùn irorẹ́ tó lágbára kan, aísótírétínóínì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Amẹ́ríkà ní 1982. Ọmọ ìyá rẹ́tínọ́ọ̀lì ni oògùn yẹn. Ní ti fítámínì A fúnra rẹ̀, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn lórí aláboyún 22,748 jáde ní 1995. IU ni òṣùwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń kọ sára paálí fítámínì. Láàárín àwọn tó ń lo ju 10,000 IU lọ lójúmọ́ láti inú oògùn, wọ́n ṣírò pé nǹkan bí ọmọ 1 nínú 57 ló ní àbùkù tí oògùn náà fà. Àwọn ìwádìí mìíràn tó tẹ̀ lé e kò rí ewu ní ìwọ̀n tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ṣe ìdánwò rẹ̀ lára aláboyún kó lè mọ ojú ibi tí ewu ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn fi fi ààlà sí 10,000 IU, ìyẹn máíkírógíráàmù 3,000 tí wọ́n ń kọ ní mcg, lójúmọ́. Ohun tí ara aláboyún nílò kò ju nǹkan bí 770 sí 800 mcg lọ.

*Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í:* Wọ́n ń dúró dìgbà tí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀ ní kíníìkì kí wọ́n tó yí oúnjẹ padà. Ọ̀pọ̀ obìnrin kì í dé kíníìkì kí ọ̀sẹ̀ kẹwàá tó kọjá. Bí ẹ bá ń wá oyún, kí ẹ ka ara yín mọ́ aláboyún lórí ọ̀rọ̀ yìí.

*Àyẹ̀wò:* Iye ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo wà lórí bébà yín, ó sì bá èyí tó wà lórí káàdì mu. Bí kò bá bá a mu, ẹ lo ti káàdì.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kó oògùn yín jáde kí ẹ tó dé orí ẹ̀dọ̀

Oògùn la kọ́kọ́ ń kà, nítorí ojoojúmọ́ là ń lò ó. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì. Lára paálí kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ fítámínì A sí. Bí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà R-E-T-I-N, rẹ́tínọ́ọ̀lì ni, ẹ gbọ́dọ̀ kà á. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B-E-T-A, kárótíìnì ni, ẹ má kà á. Ìwọ̀nba tí ara bá nílò ló ń yí padà nínú kárótíìnì, kò sì mú àbùkù bá ọmọ inú.

Bí wọ́n bá kọ ìwọ̀n rẹ̀ ní IU, ẹ fi 0.3 sọ ọ́ di púpọ̀, ó ti di mcg nìyẹn. Fún àpẹẹrẹ:

```
5,000 IU × 0.3 = 1,500 mcg
```

Epo ẹ̀dọ̀ ẹja kòdù ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé, nítorí ojú oúnjẹ ni wọ́n fi ń wò ó. Ẹ̀dọ̀ náà ni, a kàn fún epo rẹ̀ jáde ni. Ṣíbí tíì kan nínú rẹ̀ lè ní nǹkan bí 1,350 mcg. Ohun tí ara paálí bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé, torí wọn kì í dọ́gba.

*Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í:* Wọ́n ń pa oògùn méjì tí fítámínì A wà nínú rẹ̀ pọ̀, ọ̀kan láti kíníìkì, èkejì láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ tó dé láti òkè òkun. Ní ti oògùn irorẹ́ tí wọ́n ń gbé mì, tí mo dárúkọ lókè yìí, kò sí ìṣirò kankan fún un: aláboyún kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kàn án. Ìpara ojú tó ní R-E-T-I-N náà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ẹ ó fi bí.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ní nọ́ńbà kan, ní mcg, fún gbogbo oògùn ọjọ́ kan. Bó bá jẹ́ òdo, ó dára. Ẹ má ṣe dá oògùn tí kíníìkì fún yín dúró fúnra yín o. Ẹ kó o lọ bá nọ́ọ̀sì pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wọn ẹ̀dọ̀, kí ẹ sì ṣírò

Gíráàmù kan nínú ẹ̀dọ̀ màlúù tó ti jinná ní nǹkan bí 77 mcg. Nítorí náà gíráàmù 40 péré ti ju ààlà ọjọ́ kan lọ díẹ̀. Ègé tó tóbi tó àpótí ìṣáná, bí 25 sí 30 gíráàmù ni. Nǹkan bí 40 mcg ni ẹ lè lò fún gíráàmù kan ẹ̀dọ̀ adìẹ tó ti jinná.

Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin kan tí oyún rẹ̀ wà ní ọ̀sẹ̀ keje. Ó ń mu ṣíbí tíì kan epo ẹ̀dọ̀ ẹja lójúmọ́, ó ń lo oògùn fítámínì tó ní 5,000 IU rẹ́tínọ́ọ̀lì, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ń bu ègé ẹ̀dọ̀ mẹ́rin fún un ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ègé mẹ́rin náà jẹ́ gíráàmù 120 lórí òṣùwọ̀n.

```
Oògùn lójúmọ́:   1,350 + 1,500 = 2,850 mcg
Ẹ̀dọ̀:           120 × 77 = 9,240 mcg
Ọjọ́ Àìkú:       2,850 + 9,240 = 12,090 mcg
Ọ̀sẹ̀ kan:       (2,850 × 7) + 9,240 = 29,190 mcg
Ìpín ọjọ́ kan:    29,190 ÷ 7 = 4,170 mcg
```

Ẹ wo ohun tí ìṣirò yìí fi hàn. Kí ẹ̀dọ̀ kankan tó wọ abọ́ rẹ̀, oògùn nìkan ti gbé e dé etí ààlà. Lọ́jọ́ Àìkú, ìlọ́po mẹ́rin ààlà ló wọ ara rẹ̀. Bó bá fi ẹ̀dọ̀ sílẹ̀, tó sì dáwọ́ epo ẹ̀dọ̀ ẹja dúró, 1,500 mcg inú oògùn fítámínì ló kù, ìyẹn kò sì kọjá ààlà. Bí nọ́ọ̀sì bá tún bá a pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ní kárótíìnì, nọ́ńbà náà á di òdo, kò sì ní ṣaláìní fítámínì A níwọ̀n ìgbà tó bá ń jẹ ẹ̀fọ́ àti epo pupa.

Ní tèmi, bí mo ṣe máa pín in nìyí. Láti ìgbà tí ẹ bá ti ń wá oyún títí dé òpin ọ̀sẹ̀ kejìlá, ẹ fi ẹ̀dọ̀ sílẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn ìyẹn, bí oògùn yín kò bá ní rẹ́tínọ́ọ̀lì tí nọ́ọ̀sì yín kò sì lòdì sí i, ègé kékeré kan, tí kò ju 30 gíráàmù lọ, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ti tó. Ìyẹn jẹ́ 2,310 mcg; tí a bá pín in sí ọjọ́ méje, kò tó 350 lójúmọ́. Ẹ̀yin tó wà ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, ìmọ̀ràn ìjọba níbẹ̀ láti 1990 ni pé kí aláboyún má jẹ ẹ̀dọ̀ rárá jálẹ̀ oyún, kó má jẹ pátéè tí wọ́n fi ẹ̀dọ̀ ṣe, kó má sì lo epo ẹ̀dọ̀ ẹja. Fítámínì A tí wọ́n ń fi sínú oúnjẹ ẹran ọ̀sìn níbẹ̀ wà lára ohun tó mú un wá. Ìmọ̀ràn yẹn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

*Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í:* Wọ́n gbà pé 77 yẹn kò lè yẹ̀. Ẹran tó ti dàgbà, tó jẹ koríko tútù pẹ́, lè ní jù bẹ́ẹ̀ lọ; èyí tí ọ̀dá bá lè ní díẹ̀. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n, àwọ̀ ẹ̀dọ̀ kò sì lè sọ ọ́. Nítorí náà ẹ má ṣe jẹ ẹ́ dé góńgó ààlà.

*Àyẹ̀wò:* Ìpín ọjọ́ kan yín kò tó 3,000 mcg, kò sì sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ̀dọ̀ tó wọ abọ́ yín ju ègé kan lọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wá ẹ̀jẹ̀ níbòmíràn

Ẹni tó ní kí ẹ jẹ ẹ̀dọ̀ kò purọ́. Áyọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀, áyọ́ọ̀nù ni ara sì fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀. 100 gíráàmù ẹ̀dọ̀ màlúù tó jinná ní nǹkan bí mílígíráàmù 6.5 áyọ́ọ̀nù, nígbà tí aláboyún nílò 27 lójúmọ́. Ẹ̀dọ̀ tó máa gbé àpọ̀jù fítámínì A wọlé kò tíì ní tó ìdá mẹ́ta ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń fẹ́. Ẹran líle màlúù ní nǹkan bí ìdajì áyọ́ọ̀nù ẹ̀dọ̀, láìsí ìṣòro rẹ́tínọ́ọ̀lì, ẹ sì lè jẹ ẹ́ lójoojúmọ́.

Oògùn áyọ́ọ̀nù àti fólíìkì ásíìdì tí kíníìkì ń fún yín ló ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an. Áyọ́ọ̀nù tó wà nínú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mílígíráàmù 30 sí 60. Ẹ fi omi ọsàn gbé e mì, kí ó lè wọ ara dáadáa. Ẹ má fi tíì tàbí mílíìkì gbé e mì, torí wọ́n ń dènà rẹ̀. Ìgbẹ́ yín lè dúdú. Oògùn ló fà á, ẹ má fòyà. Bó bá ń rìn yín níkùn, ẹ lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ má kàn jù ú sí kọ̀rọ̀.

Nínú abọ́, ẹ gbé ẹran líle, ẹja, ìgbín, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ síwájú. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ugwu tí ẹ fi epo pupa sè ń fún yín ní kárótíìnì, epo inú rẹ̀ sì ń jẹ́ kó wọ ara. Ọ̀nà tí aláboyún fi lè ní fítámínì A tó láìkọjá ààlà nìyẹn.

*Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í:* Nítorí ìbẹ̀rù, wọ́n ń ya ara wọn kúrò lọ́dọ̀ fítámínì A pátápátá. Àìtó rẹ̀ náà ń pa ni lára. Bí ẹ kò bá ríran dáadáa tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, nígbà tí ojú yín mọ́ dáadáa lọ́sàn-án, ẹ tètè sọ fún wọn ní kíníìkì. Àmì àìtó fítámínì A ni èyí lè jẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín lọ ra oògùn rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Lórí káàdì yín, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ PCV, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ yín, sí. Ó yẹ kó wà ní nǹkan bí 33 sókè. Bó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ béèrè ìdí. Ibà, aràn àti oògùn tí a kò lò déédéé lè fà á, ẹ̀dọ̀ kò sì lè wo èyíkéyìí nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ bá ẹni tó ń dáná sọ̀rọ̀

Ẹ má gbé ẹ̀dọ̀ sẹ́yìn abọ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹni tó sè é á rò pé inú ń bí yín, tàbí á tún bu òmíràn fún yín. Ẹ kúnlẹ̀ sọ ọ́: "Màmá, ẹ ṣeun, ẹ kú ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì ní kí n fi ẹ̀dọ̀ sílẹ̀ ná, pé fítámínì inú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ọmọ inú mi. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹran líle àti ẹ̀fọ́ ni kí ẹ máa bá mi fi kún un." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì, torí ó fún wọn ní ohun tí wọ́n lè sè dípò.

*Àyẹ̀wò:* Ọbẹ̀ tó tẹ̀ lé e dé láìsí ẹ̀dọ̀, ẹ ò sì ní láti ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kejì.

Bí ẹ bá ti jẹ ẹ́ kí ẹ tó kà á

Abọ́ ẹ̀dọ̀ kan, tàbí méjì, kò túmọ̀ sí pé ọmọ ti ní àbùkù. Oògùn ni ìwádìí 1995 yẹn tọ́ka sí, oògùn tí wọ́n sì ń lò lójoojúmọ́ ni. Ẹ dáwọ́ dúró lónìí. Ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ, ìwọ̀n rẹ̀, iye ìgbà àti ọ̀sẹ̀ tí oyún wà nígbà náà, kí ẹ mú bébà náà lọ bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yín nígbà ìbẹ̀wò tó kàn. Bí ìpín ọjọ́ kan yín bá ju 3,000 lọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tàbí bí ẹ bá ti lo oògùn irorẹ́ tí wọ́n ń gbé mì yẹn, ẹ má dúró de ọjọ́ ìbẹ̀wò, ẹ lọ lọ́la. Ẹ rí i pé ẹ kò pàdánù àyẹ̀wò àwòrán inú tí wọ́n ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 22, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń ṣe é pé kó wo ojú àti ọkàn ọmọ dáadáa.